Ẹ̀rọ orí ìwé àti ẹ̀rọ orí ilẹ̀: bí a ṣe ń yẹ dúkìá ilé-iṣẹ́ wò

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí ọ́dítọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò. Akápò kó ìwé dúkìá fún wa, ẹ̀rọ àti owó gọbọi ló kún inú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọn nǹkan yìí wà lóòótọ́, pé iye tí wọ́n kọ sí wọn sì tọ̀nà? N kì í ṣe oníṣirò owó o.*

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan wà tí ẹ máa ṣe nílé. Ẹ ní kí akápò fi ìwé dúkìá náà ránṣẹ́ sí yín lórí Excel, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà nìkan. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ ro àròpọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi wé iye dúkìá tó wà nínú lẹ́jà àti èyí tí wọ́n fẹ́ kà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún. Bí àwọn iye yìí kò bá bá ara wọn mu, ẹ dúró níbẹ̀ ná kí akápò ṣàlàyé. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tó ka gbogbo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tán pátá, tí wọ́n sì ń mi orí pé ó pé, láìmọ̀ pé ìwé tí wọ́n gbé dání kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ọdún náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ to òpó tí iye orí ìwé wà láti orí èyí tó kéré jù. Iye orí ìwé ni ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó tí a fi ra nǹkan lẹ́yìn tí a ti yọ ìdínkù iye rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò yẹ kí ó wọ abẹ́ òdo láé, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i. Ilé-iṣẹ́ omi kan tí mo yẹ̀ wò ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ní ìparí ọdún 2024 ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Mo ti tún iye inú rẹ̀ ṣe kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n rà ní ₦5,000,000 ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ní yóò lò, wọ́n sì rò pé àwọn lè tà á ní ₦500,000 lẹ́yìn náà. ₦900,000 ni wọ́n ń yọ lọ́dún, ó sì yẹ kí yíyọ parí ní oṣù Kejìlá 2022, kí ₦500,000 ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń ṣe ìwé wọn kàn ń fa ìṣirò ọdún tó kọjá wá sí ọdún tuntun. Ó yọ ₦900,000 ní 2023, ó tún yọ òmíràn ní 2024, iye orí ìwé ọkọ̀ náà wá di ₦1,300,000 ní abẹ́ òdo. Kò sẹ́ni tó rí i, nítorí àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò, iye abẹ́ òdo yìí sì ti rá mọ́ àárín àwọn yòókù. Ìgbà tí a tò ó ló yọjú.

Ó wá kan ìrìn àjò. Ẹ kò nílò láti wo gbogbo nǹkan. Ẹ mú àwọn tí owó wọn tóbi títí ẹ ó fi kó èyí tó pọ̀ jù nínú àròpọ̀ náà, kí ẹ wá fi ojú dídì mú díẹ̀ nínú àwọn kékeré. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé ni pé ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà rìn. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé, kí ẹ wá ẹ̀rọ lọ: bí ẹ kò bá rí i, ohun tí kò sí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sí àárín ilé-iṣẹ́, kí ẹ nawọ́ sí ẹ̀rọ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó wù yín, kí ẹ wá wọn lọ sínú ìwé. Ọ̀nà kejì yìí ló máa ń tú àṣírí ẹ̀rọ tí wọ́n rà tí wọ́n kọ sí ara ìnáwó àtúnṣe, ó sì máa ń tú àṣírí èyí tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rárá. Ẹ ó rí fíríjì onígíláàsì tó dára níwájú ilé-iṣẹ́, wọn yóò ní ti àwọn ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rindòdò máa ń gbé irú fíríjì bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò lò láìtà á fún un. Pé ẹ rí nǹkan kò sọ pé ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín. Rìsíìtì àti ìnfọ́ísì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní ilé ìkẹ́rùsí níbòmíràn, ká ní ní Ẹbúté, kí ìgbìmọ̀ pín ara rẹ̀ sí méjì, kí wọ́n wo ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ tó ní táyà lábẹ́ lè sáré ju ìgbìmọ̀ lọ.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wá pátákó irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ orúkọ, agbára, ọdún tí wọ́n ṣe é àti nọ́ńbà síríà sí. Ẹ mú àkísà àti tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí ọ́ìlì àti eruku á ti bò ó. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kì í ní pátákó kan ṣoṣo: ọ̀kan wà lára férémù fún odindi rẹ̀, ọ̀kan wà lára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan wà lára apá tó ń mú iná jáde. Ẹ ka gbogbo wọn, kí ẹ fi wé ìnfọ́ísì. Bí ti férémù bá bá ìnfọ́ísì mu tí ti ẹ́ńjìnnì kò bá a mu, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ owó rẹ̀ sí àti ibi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wọlé sí. Ẹ ya fọ́tò pátákó náà, kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Fọ́tò ẹ̀rọ láìsí nọ́ńbà lè jẹ́ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Bí pátákó bá ti ṣí kúrò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lẹ nọ́ńbà ẹgbẹ́ mọ́ ọn lójú ara yín kí ọdún tó ń bọ̀ má bàa tún rí bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tún ní mítà tó ń ka wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ yẹn, wákàtí 11,400 ni mo bá lójú mítà. Ìwé sọ pé oṣù Kẹrin 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Láti ìgbà náà dé ìparí 2024 jẹ́ oṣù 45, ìyẹn bíi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ tàbí kó lé díẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ omi tí iná ìjọba kì í dúró fún, ó ṣeé gbà gbọ́. Ká ní wákàtí 1,200 ni mo bá ni, n bá bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ mítà, tàbí bóyá jẹnẹrétọ̀ míràn ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n jù. Mẹ́ta ló wà nínú ìwé, mẹ́ta náà ló sì wà nílẹ̀, pátákó wọn bá ìwé mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Akápò ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, kí ìkọ̀ọ̀kan di omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Méjì ṣiṣẹ́. Wọ́n fi tapólì bo ìkẹta, wọ́n ní oníṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí a ká tapólì náà kúrò, mọ́tò ti lọ, irin gbígbóná tó ń lẹ ọ̀rá ti lọ, wọ́n ti gé wáyà. Àgbékalẹ̀ àti pátákó dídán nìkan ló kù. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́wọ́ pé láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni àwọn ti ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ fi tún méjì yòókù ṣe. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan ka nọ́ńbà tó sì kọjá á kọ ọ́ pé ẹ̀rọ mẹ́ta pé.

Àwọn nǹkan kan wà tí ojú kò lè rí. Pọ́mpù kànga-dẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fà á jáde nítorí ìgbìmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ gbé kéègì lítà 25 sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún, kí ẹ sì gba ìwé ẹni tó gbẹ́ kànga náà. Ní ti ilẹ̀, ẹ mú pílàànù sọ̀fíà lọ síbẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà orí bíkìnì igun kọ̀ọ̀kan bóyá ó bá ti inú pílàànù mu. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòròdú jù mí lọ. A kì í yọ ìdínkù iye lórí ilẹ̀, ilé orí rẹ̀ nìkan la máa ń yọ ọ́ lé, nítorí náà bí wọ́n bá kọ ilẹ̀ àti ilé pọ̀ sí ojú kan, ẹ ní kí wọ́n yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá jókòó ti ìṣirò. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ nílò fún dúkìá kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gba ìkankan nínú wọn láti inú ìwé dúkìá fúnra rẹ̀: iye tí wọ́n rà á, iye àṣẹ́kù tí wọ́n rò pé àwọn yóò rí lórí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ọdún ìlò, àti ọjọ́ tó ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Iye rírà wà nínú ìnfọ́ísì. Iye àṣẹ́kù àti ọdún ìlò wà nínú ìlànà tí ìgbìmọ̀ alákòóso fọwọ́ sí. Ọjọ́ tó ṣe tán ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Kì í ṣe ọjọ́ tí a san owó, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀. IAS 16, ìlànà àgbáyé lórí irú dúkìá yìí, sọ pé ìgbà tí nǹkan bá ti wà níbi tó yẹ kó wà, ní ipò tó lè ṣiṣẹ́, ni yíyọ bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, oṣù kìíní 2021 ni wọ́n san owó jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ìwé oníṣẹ́ iná tó so ó mọ́lẹ̀ sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni wọ́n dán an wò tó ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹrin náà ni mo mú.

₦9,600,000 ni wọ́n rà á. Iye àṣẹ́kù inú ìlànà wọn jẹ́ ₦1,600,000, ọdún ìlò jẹ́ mẹ́jọ, oṣù-oṣù ni wọ́n sì ní àwọn ń kà á. Ẹ yọ iye àṣẹ́kù kúrò nínú iye rírà, ó ku ₦8,000,000. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́jọ, ₦1,000,000 lọ́dún. Oṣù mẹ́sàn-án ní 2021 jẹ́ ₦750,000, ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦3,000,000. Àpapọ̀ ìdínkù dé ìparí 2024 jẹ́ ₦3,750,000, iye orí ìwé sì yẹ kó jẹ́ ₦5,850,000. Bí iye rírà bá wà ní òpó C, iye àṣẹ́kù ní D, ọdún ìlò ní E, iye oṣù tí wọ́n ti lò ó ní F, ohun tí ẹ máa tẹ̀ láti rí àpapọ̀ ìdínkù nìyí:

```
=MIN((C2-D2)/E2*F2/12, C2-D2)
```

Apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí nǹkan wọ abẹ́ òdo bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù yẹn.

Kí ni ìwé tiwọn kọ fún iye orí ìwé rẹ̀? ₦4,800,000. Mo ya ìyàtọ̀ ₦1,050,000 yẹn sọ́tọ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé iye àṣẹ́kù pátápátá, wọ́n sì pín odindi ₦9,600,000 sí mẹ́jọ, tó jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Wọ́n tún yọ odindi ọdún fún 2021 dípò oṣù mẹ́sàn-án. Nítorí náà ₦450,000 lé ní 2021, ₦200,000 sì lé ní ọdún kọ̀ọ̀kan láti 2022 sí 2024. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ máa tú u báyìí títí ẹ ó fi rí ohun tó bí i. Ìyàtọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀, a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. (Ohun kan tún wà tó máa ń fa irú ìyàtọ̀ yìí: òfin owó orí wa kì í gba ìdínkù iye tí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ ṣírò, ó ní ìdá tirẹ̀ tó fi ń dín èrè kù nítorí dúkìá. Àwọn oníwèé kan á kàn mú ìdá owó orí yẹn fi ṣe ti ìwé ilé-iṣẹ́. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn tó kàwé pàápàá nìyí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ sọ fún mi pé pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń lo jẹnẹrétọ̀ náà, kò ní lò ju ọdún méjì ààbọ̀ sí i lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ló ṣẹ́ kù fún un nínú ìwé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìgbà tí náírà ti já lulẹ̀ ní 2023, ₦1,600,000 ti kéré fún iye àṣẹ́kù. A bèèrè iye tí jẹnẹrétọ̀ irú rẹ̀ tó ti gbó dé ibẹ̀ ń lọ lọ́jà àlòkù, ìgbìmọ̀ alákòóso sì fẹnu kò sí ₦3,100,000. Ṣé kí á padà lọ tún 2021 sí 2024 ṣe nítorí èyí? Rárá o. Ohun tí a mọ̀ nígbà náà kọ́ ni a mọ̀ báyìí. Àbá, ìyẹn ohun tí a fojú bù, bó bá yí padà, iwájú la ti ń lò ó. A mú ₦5,850,000, a yọ ₦3,100,000, ó ku ₦2,750,000, a pín in sí ọdún méjì ààbọ̀: ₦1,100,000 lọ́dún láti 2025 lọ.

Ṣùgbọ́n iye àṣẹ́kù tí wọ́n gbàgbé àti oṣù tí wọ́n kà ju, ìyẹn kì í ṣe àbá, àṣìṣe ni, nítorí ìlànà àti ìwé tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé wà nílẹ̀ látìgbà yẹn. Àṣìṣe, ẹ̀yìn la ti ń tún un ṣe bó bá tóbi, bí IAS 8, ìlànà àgbáyé lórí àbá àti àṣìṣe, ṣe sọ. ₦200,000 ti 2024 padà sínú ìṣirò ọdún náà, nítorí wọn kò tíì pa ìwé rẹ̀ dé. ₦850,000 ti àwọn ọdún ìṣáájú lọ sórí èrè tó ti kó jọ, wọn kò kà á mọ́ èrè 2024. Àwọn kan á fẹ́ kó gbogbo ₦1,050,000 sínú èrè ọdún yìí, pàápàá bí ọdún bá fẹ́ mú àdánù wá. Ẹ máa ṣọ́ ìyẹn.

Ohun mìíràn tí ẹ lè pàdé nínú ọ̀rọ̀ náírà yìí ni dúkìá tí iye àṣẹ́kù rẹ̀ lóde òní ti ju iye orí ìwé rẹ̀ lọ. A kàn máa dá yíyọ dúró lórí rẹ̀ ni, ìdínkù iye di òdo títí nǹkan yóò fi yí padà. Kò fún akápò láṣẹ láti gbé iye orí ìwé sókè, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ iye rírà ni ìlànà ẹgbẹ́ ń lò.

Ó ku ẹ̀rọ abẹ́ tapólì. ₦2,400,000 ni wọ́n rà á, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2020, ọdún mẹ́fà, kò ní iye àṣẹ́kù. ₦400,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ ₦1,800,000, ó ku ₦600,000. Ohun tí ìwé wọn náà kọ nìyẹn, ìṣirò wọn pé géérégé. Ẹ̀rọ wà, ìṣirò tọ̀nà, síbẹ̀ iye náà kò tọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó máa rí ₦600,000 lára rẹ̀, yálà nípa lílò tàbí nípa títà. Wọ́n mú un tọ àwọn onírin àlòkù lọ ní Owódé Onírin. Iye tó ga jù tí wọ́n dá lé e, lẹ́yìn tí a bá yọ owó ọkọ̀, jẹ́ ₦90,000. ₦510,000 di àdánù nínú ìṣirò 2024, iye orí ìwé sì di ₦90,000. Tíṣà, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ fún yín. Ìṣirò Excel kò lè ká tapólì.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìjábọ̀ yín, ẹ kọ ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù fi ₦1,800,000 kéré nínú ìwé, jẹnẹrétọ̀ fi ₦1,050,000 kéré, ẹ̀rọ omi fi ₦510,000 pọ̀ jù. Akápò fẹ́ kí a kàn kọ ₦2,340,000 tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó ní ó dára fún ẹgbẹ́, owó wa pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. A kò gbà fún un. Ẹni tó ń fa ìṣirò ọdún tó kọjá wá láìwò ó, ẹni tó gbàgbé ìlànà, àti ẹni tó tú ẹ̀rọ láìsọ fún oníwèé, wọn kì í ṣe ènìyàn kan náà, ohun tí a máa ní kí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì jọra. Ẹ fi fọ́tò pátákó, iye mítà wákàtí àti ọjọ́ tí ẹ lọ síbẹ̀ mọ́ ìjábọ̀ náà, kí akápò àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ fọwọ́ sí ìwé kíkà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó jáde nínú ọgbà.